Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún ilé-iṣẹ́

Nígbà tí àwọn olùtajà bá fi iye owó ọjà wọn ránṣẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ra ohun èlò fún ilé-iṣẹ́ máa ń ṣe ni pé a ó to iye wọn láti orí èyí tí ó kéré jù, a ó sì fa ìlà sábẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí àga ni a fẹ́ rà, ewu rẹ̀ kò pọ̀, nítorí pé àga kì í jẹ, kì í mu lẹ́yìn tí a bá ti san owó rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò rí bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ó ń jẹ tónà, èyí tí í ṣe lẹ́búlẹ́bú dúdú tí ó fi ń tẹ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ méjì wé ara wọn, kí a sì ka owó wọn ní ẹyọ-ẹyọ lásán. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ jẹ́ 100. Kátíríìjì tónà rẹ̀ jẹ́ 20, ó sì ń tẹ 1,500 ojú ìwé kí ó tó tán. Ẹ̀rọ kejì jẹ́ 300; kátíríìjì rẹ̀ jẹ́ 40, ó sì ń tẹ 8,000. Díróòmù ẹ̀rọ kejì yìí, ìyẹn ọ̀pá róbótó tí ń gbé tónà sórí ìwé, ni a máa ń pààrọ̀ lọ́tọ̀ ní iye 60 lẹ́yìn 36,000 ojú ìwé, ṣùgbọ́n inú kátíríìjì ni ti àkọ́kọ́ wà. Ká ní ilé-iṣẹ́ náà ń tẹ 4,000 ojú ìwé lóṣù, tí ó sì fẹ́ lo ẹ̀rọ náà fún ọdún 3, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 144,000.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yóò jẹ kátíríìjì 96, owó rẹ̀ sì jẹ́ 1,920. Bí a bá fi iye ẹ̀rọ kún un, ó di 2,020. Ẹ̀rọ kejì yóò jẹ kátíríìjì 18, èyí tí ó jẹ́ 720, àti díróòmù 3 lẹ́yìn èyí tí ó bá a wá, èyí tí ó jẹ́ 180. Pẹ̀lú iye ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ kò ju 1,200 lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ kátíríìjì tí ó máa ń wà nínú ẹ̀rọ tuntun kúrò nínú ìṣirò, nítorí pé tónà inú rẹ̀ kì í sábà kún, àṣìṣe sì ni láti kà á bí odindi.

Àwọn kan máa ń rántí béèrè iye kátíríìjì, ṣùgbọ́n wọn kì í béèrè iye ojú ìwé tí yóò tẹ̀. Lójú wọn, 20 dára ju 40 lọ. Ẹ fi 1,000 ojú ìwé ṣe òṣùwọ̀n: tónà ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ná wa ní 13.33, ti èkejì kò sì ju 6.67 lọ, tòun ti díróòmù.

Èyí tí ó máa ń mú àwọn tí wọ́n ti gbọ́n dáadáa pàápàá ni iye ojú ìwé tí a kọ sára páálí kátíríìjì. Ìlànà ISO/IEC 19752 ni a fi ń wọn tónà dúdú, ojú ìwé tí a fi ń dán an wò kò sì ní ju nǹkan bíi 5 nínú 100 tí tónà bò. Lẹ́tà kúkúrú ni ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù tí àtẹ kún inú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ yín ń tẹ̀, tí tónà sì bo 10 nínú 100, kátíríìjì tí a ní yóò tẹ 1,500 ojú ìwé yóò tán ní nǹkan bíi 750. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yóò wá ná wa ní 3,940, èkejì yóò sì jẹ́ 1,920.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé èyí tí ó wọ́n ni ó máa ń dín owó kù nígbà gbogbo. Iye ẹ̀rọ méjèèjì fi 200 jura lọ, ìyàtọ̀ tónà lórí 1,000 ojú ìwé sì jẹ́ 8.33 nígbà tí díróòmù tí ó bá ẹ̀rọ kejì wá kò tíì tán, nítorí náà ó di nǹkan bíi 24,000 ojú ìwé kí ẹ̀rọ kejì tó san gbèsè rẹ̀. Ọ́fíìsì tí ó ń tẹ 300 lóṣù kò ní ju 10,800 lọ ní ọdún 3: ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yóò ná an ní 260, èkejì ní 380. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ni ó tọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹ má ṣe méfò iye ojú ìwé yín. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó ń ka gbogbo ojú ìwé tí ó ti tẹ̀; ẹ wo iye náà lónìí, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn oṣù kan. Lẹ́yìn náà, kí fọ́ọ̀mù tí àwọn olùtajà yóò kún ní àyè fún iye kátíríìjì, iye ojú ìwé rẹ̀, iye díróòmù, àti oṣù mélòó tí wọn kò fi ní fi kún iye wọ̀nyí. Olùtajà tí ó bá fi àyè ti ìkẹyìn yẹn sílẹ̀ lófìfo lè tà ẹ̀rọ ní pọ́ọ́kú, kí ó sì gba èrè rẹ̀ padà lórí tónà láti oṣù kejì lọ.