Bí A Ṣe Ń Kọ Àṣamọ̀ àti Ìkádìí Pírójẹ́ẹ̀tì Ìmọ̀ Àyíká Kó Lè Yé Ẹni Tó Ń Kà Á

Ìkádìí ni kí o kọ́kọ́ kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣamọ̀ ló máa ń wà níwájú ìwé. Ẹni tó bá kọ àṣamọ̀ ṣáájú sábà máa ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe, kì í sọ ohun tó rí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tí mo hun fúnra mi ṣe é. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń bu omi odò kékeré kan yẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi méjì ló ti ń bu ú: òkè ibi tí páìpù omi ìdọ̀tí ti ń tú sínú odò, àti ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Ìpíndọ́gba náítíréètì lókè jẹ́ mílígíráàmù 8 nínú lítà kan, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 31. Oko kan wà láàárín ibi méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: padà sí ìbéèrè tó wà ní orí kìíní, kí o sì fi gbolóhùn kan ṣoṣo dá a lóhùn, tòun ti iye. "Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, náítíréètì ìsàlẹ̀ páìpù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti òkè." Má kọ "omi náà ti bàjẹ́ gan-an", torí kò sẹ́ni tó lè wọn "gan-an".

Ìgbésẹ̀ kejì ni mo ti máa ń rí àṣìṣe jù: fífi iye tí o rí wé òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé fún náítíréètì nínú omi mímu jẹ́ mílígíráàmù 50 nínú lítà kan, nígbà tí a bá kà á gẹ́gẹ́ bí NO₃⁻. Àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò mìíràn kì í kà á bẹ́ẹ̀. Náítírójìn inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kà, òṣùwọ̀n kan náà yóò sì di nǹkan bí 11. Bí 31 akẹ́kọ̀ọ́ wa bá jẹ́ ti náítírójìn, a ó fi 4.43 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò sì di nǹkan bí 137. Omi tí à ń sọ pé kò kọjá òṣùwọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, wo ìwé ẹ̀rọ rẹ kí o tó kọ ohunkóhun.

Kò tán síbẹ̀. Nítorí ọmọ ọwọ́ tó ń mu oúnjẹ inú ìgò ni wọ́n ṣe gbé 50 yìí kalẹ̀, torí náítíréètì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn má lè gbé ọ́síjìn dáadáa. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹja. Kí náítíréètì tó dé 50 rárá, àwọn ohun aláwọ̀ ewé inú omi lè ti gbilẹ̀, bí wọ́n bá sì kú tí wọ́n ń jẹrà, ọ́síjìn inú omi á dín kù. Ìkádìí tó sọ pé "31 kò kọjá òṣùwọ̀n, odò náà wà ní àlàáfíà" ti fi òṣùwọ̀n omi mímu ṣèdájọ́ ilé ẹja.

Ìgbésẹ̀ kẹta: sọ ibi tí ẹ̀rí rẹ parí sí. Oko wà láàárín, ajílẹ̀ sì lè ti ibẹ̀ wọ odò, nítorí náà o kò lè sọ pé páìpù ló fa gbogbo rẹ̀. O kò sì wọn nǹkan kan nígbà òjò. Inú èyí gan-an ni kí ìmọ̀ràn rẹ ti jáde: kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bu omi ní ibi kẹta, láàárín páìpù àti oko. "Kí ìjọba la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀" kò bá iṣẹ́ yìí mu, torí o kò wádìí ohun tí ará ìlú mọ̀.

Wàyí o, fa àṣamọ̀ yọ láti inú ìkádìí:

"Omi ìdọ̀tí lè fi náítíréètì kún odò. Iṣẹ́ yìí wò ó bóyá náítíréètì pọ̀ nísàlẹ̀ páìpù omi ìdọ̀tí kan ju òkè rẹ̀ lọ. A bu omi ní ibi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìpíndọ́gba náítíréètì, gẹ́gẹ́ bí NO₃⁻, jẹ́ mílígíráàmù 8 nínú lítà kan lókè àti 31 nísàlẹ̀. Iye yìí kò kọjá 50 tó wà fún omi mímu, ṣùgbọ́n oko tó wà láàárín kò jẹ́ ká lè sọ pé páìpù nìkan ló fà á."

Lẹ́yìn náà, fi bírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo iye inú àṣamọ̀, kí o wá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orí àbájáde. Èyí tí o kò bá rí níbẹ̀, tàbí tó yàtọ̀ sí ti ibẹ̀, tún un ṣe kí o tó gbé ìwé náà fún alámòójútó rẹ.