Bí a ṣe ń yẹ alùpùpù àlòkù wò kí a tó sanwó

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ láàárín Òṣogbo, ẹ́ńjìnnì 100 ti tó. Ẹni tó ń gbé ìyàwó tàbí ọmọ sẹ́yìn lójoojúmọ́, kó mú 125. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ sì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí ẹnikẹ́ni tó tá a. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹni tó fẹ́ tà á ti tá a ṣáájú, kó má baà ṣagídí lójú yín.

Ẹ fi ìka fa ṣéènì sẹ́yìn níbi tó ti yí ẹ̀yìn súpúrọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá. Bí ìdajì eyín bá yọjú, ẹ yọ owó ṣéènì àti súpúrọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì kúrò nínú iye tí wọ́n pè, torí eyín tó ti jẹ yóò ba ṣéènì tuntun jẹ́. Ẹ wo nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń fún bíréèkì ẹ̀yìn: bí kò bá sí ibi tí yóò wọ̀ sí mọ́, ṣúù ti tán.

Férémù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú fò. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, wọ́n lẹ sítíkà pupa mọ́ ọrùn rẹ̀, ibi tí férémù ti pàdé ọwọ́ tí a fi ń darí rẹ̀. Mo rò pé oge ni. Nígbà tó di oṣù kejì, mò ń sọ̀ kalẹ̀ ní Òkè-Fíà, mo rí i pé bí mo bá ti dẹwọ́, apá òsì ló ń yà sí. Mo ṣí sítíkà. Wẹ́dà ti jó ibẹ̀, ojú jíjó náà wú bí egbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná.

Nítorí náà, ẹ ṣí gbogbo sítíkà ọrùn. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, ẹ máa lọ. Jíjó ti ilé iṣẹ́ máa ń tẹ́, tọ̀tún tòsì á sì jọra. Ọ̀dà tó tuntun lọ́rùn nìkan, tàbí irin tó hun jọ lábẹ́ táńkì, ó ti kọlu nǹkan rí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni okùn. Èyí tí bíríkìlà fi ń ta ìlà ni mò ń lò. Ẹ kọ́kọ́ wo àmì tó wà lọ́tùn-ún àti lósì níbi tí wọ́n ti de táyà ẹ̀yìn. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ ní kí mẹkáníìkì tún un ṣe. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, okùn á purọ́ mọ́ férémù. Ẹ fi okùn yí ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn ká, ẹ fa etí rẹ̀ méjèèjì síwájú lábẹ́ ẹ́ńjìnnì dé ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú, kó fara kan táyà ẹ̀yìn dáadáa, kó má kan ohun mìíràn. Táyà iwájú tín-ín-rín ju tẹ̀yìn lọ, àlàfo yóò wà lápá méjèèjì. Bí ẹ bá to táyà náà gún, àlàfo méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ìka bá wọ ọ̀kan tí okùn sì lẹ̀ mọ́ èkejì, fọ́ọ̀kì tàbí ọrùn ti wọ́. Fọ́ọ̀kì ṣeé pààrọ̀. Bó bá jẹ́ ọrùn, mi ò rà á ní ìdajì owó pàápàá.

Bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ yẹn, ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n lù sára ọrùn wé ti ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha á, ẹ dìde.