Bí mo ṣe ṣírò owó iṣẹ́ ọdún yìí lórí họ́sítẹ̀lì tá à ń kọ́

Ohun tí Alhaji ọ̀gá mi fẹ́ ni kí n kọ mílíọ̀nù 250 náírà sílẹ̀ fún ọdún yìí, torí iye tí ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa ti san títí Disẹ́ńbà fi parí nìyẹn. Họ́sítẹ̀lì ilé ìwé kan ni, lọ́nà Ọ̀ffà, mílíọ̀nù 400 la gbà á, iṣẹ́ ọdún méjì. Wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní mílíọ̀nù 120 láti fi bẹ̀rẹ̀, ìyókù ń wọlé bí ìpele kọ̀ọ̀kan bá ti gba sátífíkéètì. Mo ní "Alhaji, ẹ má bínú sà, owó tó wọ báńkì kọ́ là ń wò, ibi tí iṣẹ́ dé ni."

Orí ilẹ̀ onílé ìwé la ń kọ́ ọ sí, búlọ́ọ̀kù tá a bá ti tò báyìí ti di tiẹ̀ nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí IFRS 15, ìlànà àgbáyé lórí bí iléeṣẹ́ ṣe ń kọ owó iṣẹ́ oníbàárà sílẹ̀, fi ní ká máa kọ owó iṣẹ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ká má dúró de ọjọ́ tá a máa kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Láti mọ ibi tí iṣẹ́ dé, mo mú owó tá a ti ná, mo fi gbogbo owó tí iṣẹ́ náà máa jẹ wá títí yóò fi parí pín in. Ó rọrùn lẹ́nu àbí? Wàhálà ibẹ̀ wà nínú irú owó tó yẹ kéèyàn kà.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì tó wà nínú fáìlì ní mílíọ̀nù 300 ló máa jẹ wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí irin àti símẹ́ńtì ṣe ń fò. Mo bá lọ bá Ẹnjiníà ní sáìtì, mo ní kó bá mi to gbogbo ohun tó kù lẹ́sẹẹsẹ, iye irin, iye páànù òrùlé, iye ilẹ̀kùn, owó àwọn bíríkìlà, kó sì fi iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà báyìí ṣírò rẹ̀. Nígbà tó ṣe é tán, gbogbo iṣẹ́ náà di mílíọ̀nù 320. Bọ́jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ dà bí ẹni pé ó ti fẹ́ parí, torí owó tó kù láti ná kéré jù lójú ìwé.

Owó tá a ti ná jẹ́ mílíọ̀nù 184. Ẹni tó bá kánjú á fi 320 pín in, á rí ìdá 57.5 nínú ọgọ́rùn-ún, á sì kọ mílíọ̀nù 230 sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo wà ní sáìtì, mo rí jẹnẹrétọ̀ ńlá kan tí wọ́n fi tapólì bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń po kọnkéré, mílíọ̀nù 40 la rà á, wọ́n ti gbé e dé, onílé ìwé ti fọwọ́ sí i pé òun gbà á, ṣùgbọ́n a ò tíì so wáyà kan mọ́ ọn. Ọwọ́ ẹni tó ń tà á la ti rà á bẹ́ẹ̀, a ò dá sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Rírà tá a rà á ò sún ilé síwájú, nítorí náà mo yọ ọ́ kúrò nínú ìdá yẹn lókè àti nísàlẹ̀. Mo tún yọ mílíọ̀nù 4 ti ògiri ẹ̀yìn tó wọ́, tá a wó tá a tún mọ, àṣìṣe àwọn ọmọ wa ni, kì í ṣe iṣẹ́ tá a ṣe fún oníbàárà. Òkè nìkan ni mo ti yọ ìyẹn, torí kò sí nínú 320 ti Ẹnjiníà.

Ó wá ku mílíọ̀nù 140 nínú 280. Ìdajì géérégé. Nínú owó kọ́ńtíráàtì, mo yọ 40 kúrò nínú 400, ó ku 360, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 180, mo wá fi 40 ti jẹnẹrétọ̀ lé e láìfi èrè kankan sí i. Owó iṣẹ́ ọdún yìí jẹ́ mílíọ̀nù 220. Gbogbo 184 tá a ná ló lọ sí apá ìnáwó, ti ògiri náà wà níbẹ̀, èrè wá jẹ́ mílíọ̀nù 36.

Alhaji wo ìwé náà títí, ó ní "Ọgbọ̀n mílíọ̀nù mi tó kù ńkọ́?" Mo ní ó wà ní báńkì sà, ṣùgbọ́n nínú ìwé, gbèsè ni, iṣẹ́ la jẹ onílé ìwé. Bá a bá ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ ló máa di owó wa. Tí Ẹnjiníà bá tún to iye tó kù nígbà yẹn tó sì yí padà, ìṣirò tuntun la máa lò láti ọjọ́ náà lọ, a ò ní padà lọ tún ti ọdún yìí kọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì so jẹnẹrétọ̀ yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó so ó nìkan la máa kà.