Ampilifáyà tó ń ha létí nígbà tí ohùn bá kéré

Ọ̀gá, tí mo bá rẹ fólúùmù sílẹ̀, ohùn á máa ha bí ẹni ń fi iyanrìn fọ ìkòkò. Tí mo bá gbé e sókè, mi ò gbọ́ híha náà mọ́. Ṣé sípíkà ló ti ya?

Sípíkà yín ò ya. Èyí tó bá ya, ìgbà tí ohùn bá pọ̀ ló máa ń ha jù. Nínú ampilifáyà kíláàsì AB, tíránsísítọ̀ kan ló ń gbé ìdajì òkè ìgbì ohùn, èkejì ló ń gbé ìdajì ìsàlẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣí àfi tí fóòtì tó dé ẹnu rẹ̀ bá tó nǹkan bíi 0.6. Báyáàsì, ìyẹn fóòtì díẹ̀ tí a ń fún wọn ṣáájú, ló yẹ kó máa jẹ́ kí wọ́n ṣí díẹ̀ kí ohùn tó dé. Tí báyáàsì bá ti lọ, nígbà tí ọ̀kan bá gbé ẹrù sílẹ̀, èkejì ò tíì gbà á, ìgbì á já láàárín. Ìjá yẹn ò tó nǹkan lára ìgbì ńlá, ṣùgbọ́n lára ìgbì kékeré, òun gan-an lẹ ń gbọ́. Kírọ́sófà la ń pè é.

Mo ti pààrọ̀ tíránsísítọ̀ méjèèjì, kò yí padà.

Wọn ò kú tẹ́lẹ̀. Ẹ fi mítà wo dáyóòdù báyáàsì bóyá ó ti ṣọ́ọ̀tì. Ẹ wo préṣẹ́ẹ̀tì, résísítọ̀ kékeré tí a ń yí láti ṣètò báyáàsì, bóyá ó ti dọ̀tí. Ẹ tún léèdì ẹsẹ̀ wọn jó.

Ọ̀gá mi, mo yí préṣẹ́ẹ̀tì títí ohùn fi mọ́ kedere. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ara rẹ̀ gbóná débi pé mi ò lè fọwọ́ kàn án, fíúùsì sì já.

Ìwọ ló ń kọ́ṣẹ́, torí náà jókòó, kí n sọ èyí fún ọ dáadáa, nítorí ó ti nà mí rí. Wọ́n gbé ampilifáyà ṣọ́ọ̀ṣì kan wá láti Òkè-Fìà, ó ń lo 35 fóòtì lókè àti 35 nísàlẹ̀, 2SC5200 àti 2SA1943 ló wà níbẹ̀. Mo rẹ fólúùmù sílẹ̀ pátápátá, mo fi mítà sórí résísítọ̀ 0.22 óòmù tó wà lẹ́sẹ̀ tíránsísítọ̀, mo yí préṣẹ́ẹ̀tì títí ó fi ka 5.5 mílífóòtì. Ìyẹn jẹ́ 25 mílíámúpù. Ohùn mọ́, wọ́n gbé e lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ó ti jó.

Mo fi méjì tuntun sí i, mo tún ṣe é bẹ́ẹ̀, ó tún jó. Lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò kúrò nídìí ẹ̀. Mo fi mítà sílẹ̀ lórí résísítọ̀ láìfi orin kankan sí i. 5.5 di 9, ó di 20, nígbà tó dé 45 ni mo pa á. 45 yẹn lé ní 200 mílíámúpù, tí 70 fóòtì sì ń tì í: wáàtì mẹ́rìnlá tó ń di ooru lásán, nígbà tí 5.5 ò tó wáàtì méjì.

Ohun tó fà á ni pé bí tíránsísítọ̀ bá fi dígíríì kan gbóná sí i, fóòtì tó fi ń ṣí á dín ní nǹkan bíi 2 mílífóòtì. Báyáàsì tí kò yí padà á wá pọ̀ jù fún un, iná á pọ̀ sí i, ooru á pọ̀ sí i, títí á fi jó. Ìdí nìyẹn tí tíránsísítọ̀ báyáàsì, èyí kékeré tó ń ṣètò báyáàsì, fi gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ hítìsíǹkì kan náà, irin tó ń gba ooru lára àwọn ńlá, kó lè mọ ooru yẹn, kó sì dín báyáàsì kù. Mo wo hítìsíǹkì, mo rí ihò síkúrúù kan tí páàsì funfun ti gbẹ sí létí. Ẹni tó tún ampilifáyà náà ṣe ṣáájú mi ti tú tíránsísítọ̀ báyáàsì kúrò níbẹ̀, ó sì jẹ́ kó dá dúró lórí bọ́ọ̀dù. Mo fi máíkà àti páàsì tuntun sí i, mo dè é padà. Mo ṣètò rẹ̀ sí 3 nígbà tó tutù, mo jẹ́ kó gbóná fún ìdajì wákàtí, kí n tó gbé e sí 5.5. Wákàtí méjì, kò kúrò níbẹ̀.

Lọ wo tìrẹ. Tó bá ti lẹ̀ dáadáa, tí mítà ṣì ń gòkè, pa á kí o gbé e wá.

Ṣé tí fólúùmù bá dé òpin ló máa gbóná jù?

Rárá. Pẹ̀lú ìgbì sáìnì tó dọ́gba, ní òpin fólúùmù ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù: ó lè tó 78.5 nínú 100 iná tó ń jẹ tó máa dé sípíkà. Ìgbà tí ìgbì bá dé nǹkan bíi 64 nínú 100 gíga tó lè gùn ni ooru pọ̀ jù, ìdajì iná ló ń di ooru níbẹ̀. Fún 35 fóòtì àti sípíkà óòmù mẹ́jọ, ó tó wáàtì 31, tíránsísítọ̀ méjèèjì pín in. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa fọwọ́ kan hítìsíǹkì, kì í ṣe ní òpin.