Má fi ẹ̀fẹ̀ tó dùn jù ṣíde: àṣìṣe aláwàdà oníṣẹ́jú márùn-ún

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ àwàdà ní Ìlọrin níbí ní ẹ̀fẹ̀ tó dùn. Ibi tí wọ́n ń fi èyí tó dùn jù sí ló ń pa wọ́n lára. Èmi náà ti ṣe é rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Tanke, ẹ̀rù ń bà mí, ni mo bá gbé ẹ̀fẹ̀ wòlímọ̀ mi síwájú: mo fi igba náírà lé Alfa lọ́wọ́ kó ṣàdúrà fún mi. Alfa ní, "Ọlọ́run á…" Ó wo owó náà. Ó ní, "Ọlọ́run á rí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwọn kan ṣì ń wá àga, àwọn yòókù ń wo bàtà mi. Wọn ò tíì mọ̀ pé ahun ni mí, bẹ́ẹ̀ ahun yẹn gan-an ni ẹ̀fẹ̀ náà dúró lé. Gbogbo ohun tí mo sọ tẹ̀ lé e wá ń kéré sí i. Ẹ̀fẹ̀ oníwàrà ni mo fi parí, àwọn èèyàn kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Báyìí, ẹ̀fẹ̀ tó dùn ṣìkejì ló máa ń ṣíwájú, ó sì gbọ́dọ̀ kúrú, kí ẹ̀rín àkọ́kọ́ lè ti dé láàárín ìdajì ìṣẹ́jú. Tèmi ni: "Mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Pósófíìsì, oníkẹ̀kẹ́ ní kí n sún. Mo sún títí mo fi bọ́ sílẹ̀. Ó tún gba igba náírà." Ẹ ò rí i pé ahun ti dé, igba náírà náà sì ti dé? Tí Alfa bá wá wo owó lọ́wọ́ níparí, igba náírà tí wọ́n ti mọ̀ ni. Ẹ̀fẹ̀ tuntun tí kò tíì dá mi lójú, àárín ni mo máa ń há a sí.

Àṣìṣe kejì tún wà lọ́dọ̀ àwọn tó ti gbọ́ èyí. Wọ́n fi èyí tó dùn jù sẹ́yìn lóòótọ́, àmọ́ àkókò tán kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí o kà nínú yàrá kò ní ẹ̀rín nínú. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni kí o gbé lọ. Ẹ̀fẹ̀ wòlímọ̀ mi gba ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀, ẹ̀rín ti wà nínú ẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì fún mi pé ó ku ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kí n ti wà lẹ́nu ẹ̀. Bó bá bá mi lórí ọ̀rọ̀ lańdọ́ọ̀dù, mo máa ń ju lańdọ́ọ̀dù sílẹ̀ ni, kí n fò lọ bá Alfa.

Ibi ìnáwó nìkan ni mo ti ń yí i padà. Bí mo bá ti rí i pé abọ́ oúnjẹ ti ń bọ̀ láti ọ̀nà ìdáná, mi ò ní dúró de ìparí, torí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ Alfa bí àmàlà bá ti dé.

Bí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín "Ọlọ́run á rí i," máìkì ti padà sórí igi rẹ̀ nìyẹn.