Bí A Ṣe Ń Kọ Adájọ́ Àyàn Sínú Ìwé Àdéhùn

Ká sọ pé ẹ̀yin ní Ìbàdàn fẹ́ ra igba àpò kajú lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Kútọnù. Lọ́jọ́ tí ẹ ń tọwọ́ bọ̀wé, ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀. Bí ọjà bá dé tó ti bu, ta ni yóò dá ẹjọ́ náà? Bí ìwé àdéhùn yín kò bá sọ ọ́, kóòtù ló kù. Ẹjọ́ kóòtù lè ti kóòtù gíga dé kòtẹ́milọ́rùn, kó tún dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ojú gbogbo ayé ni ẹ ó sì ti jà á.

Ìdí nìyí tí àwọn oníṣòwò fi máa ń yan ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní ábítíréṣọ̀n: ẹ yan ẹni tó mọ òwò yín, ó gbọ́ ẹjọ́ ní ìkọ̀kọ̀, ìdájọ́ rẹ̀ sì de ẹ̀yin méjèèjì. Kì í ṣe ìlàjà o. Onílàjà ń bẹ̀bẹ̀, adájọ́ àyàn ń dájọ́. Ó tún wúlò fún ẹni tó ń bá ará òkè òkun ṣòwò, torí ìdájọ́ kóòtù ilẹ̀ kan kì í rọrùn láti mú ṣẹ ní ilẹ̀ kejì. Ní ti ìdájọ́ àyàn, àdéhùn àgbáyé kan wà tí wọ́n ṣe ní Níú Yọ́ọ̀kì ní 1958, tó ní kí àwọn ilẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ máa mú irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ṣẹ; Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 1970, Bẹ̀nẹ̀ wọ̀ ọ́ ní 1974.

Ẹ kọ́kọ́ kọ irú ìjà tó kàn án. “Gbogbo aáwọ̀ tó bá ti inú àdéhùn yìí yọ, tàbí tó bá tan mọ́ ọn, adájọ́ àyàn ni yóò parí rẹ̀.” Ẹ ṣọ́ “yóò” yẹn. Bí ẹ bá kọ “lè parí rẹ̀”, ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ yóò sọ pé kì í ṣe dandan, ẹ ó sì kọ́kọ́ jà lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Lẹ́yìn náà, iye adájọ́. Ẹ̀yin lẹ ó sanwó fún wọn, ìjọba kọ́, nítorí náà ẹnì kan tó fún igba àpò kajú. Òfin ábítíréṣọ̀n Nàìjíríà ti 2023 pàápàá sọ pé bí ẹ kò bá kọ iye, ẹnì kan ni. Ẹ sì kọ ẹni tí yóò yàn án bí ẹ kò bá fohùn ṣọ̀kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ìlú tí ẹjọ́ náà fìdí sí. Kóòtù ìlú yẹn ló ń bójú tó ìdájọ́ náà, ì báà jẹ́ Èkó ni ẹ ti jókòó gbọ́ ọ. Ìjọba Nàìjíríà àti iléeṣẹ́ P&ID fọwọ́ sí àdéhùn gáàsì kan ní 2010. Òfin Nàìjíríà ló ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà kọ Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí ibi ìgbẹ́jọ́. Nígbà tí kóòtù kan ní Èkó fagi lé ìdájọ́ àkọ́kọ́ ní 2016, àwọn adájọ́ àyàn ti sọ pé Lọ́ńdọ̀nù ló ni ẹjọ́ náà, wọ́n sì tẹ̀ síwájú. Ní 2017 wọ́n ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, èlé sì ń gùn ún. Kóòtù Lọ́ńdọ̀nù náà ló wá fagi lé e ní 2023, nígbà tó rí i pé rìbá àti èrú wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kọ “ibi ìgbẹ́jọ́” lásán. Ẹ kọ ọ́ gbangba: “Ìbàdàn, ní Nàìjíríà, ni ẹjọ́ yìí fìdí sí ní òfin, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi gbọ́ ọ.”

Bí ẹnìkejì bá ṣì sá lọ sí kóòtù, ẹ tètè ké. Òfin 2023 ní kí kóòtù dá yín padà sọ́dọ̀ adájọ́ àyàn, bí ẹ bá bèèrè ṣáájú tàbí nígbà tí ẹ kọ́kọ́ fèsì lórí ẹjọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá ti gbèjà ara yín tán, ẹ lè pàdánù ẹ̀tọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fọwọ́ sí ìwé kò ní wọ inú ẹjọ́ náà. Awakọ̀ tó jẹ́ kí òjò pa kajú yín ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí adájọ́ bá sì ṣi òótọ́ ọ̀rọ̀ gbé, kò sí kòtẹ́milọ́rùn. Oṣù mẹ́ta lẹ ní láti bẹ kóòtù pé kó fagi lé e, ìdí tí kóòtù lè gbà kò sì pọ̀: bíi pé wọn kò jẹ́ kí ẹ sọ tẹnu yín, tàbí pé adájọ́ kọjá ààlà ohun tí ẹ fi lé e lọ́wọ́.