Bí mo ṣe wá kọ́tọ́ọ̀fù fún àyè 40 nígbà tí máàkì àwọn ọmọ fẹ́ẹ̀ jọra

Kọ̀ǹpútà 40 ló wà nínú yàrá tí ẹgbẹ́ wa gbà lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Òṣogbo níbí, ọmọ 213 ló sì jókòó ìdánwò kí wọ́n lè wọ kíláàsì ọ̀fẹ́ tá a fẹ́ ṣe nígbà ọlidé. Èmi ni wọ́n ní kí n wá kọ́tọ́ọ̀fù. Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló gbà.

Ìbéèrè 50 la bi wọ́n, A-B-C-D ni gbogbo ẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan sì ní máàkì méjì. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ o, torí kò sẹ́ni tó lè gba 61 tàbí 63, 60 ni àbí 62 àbí 64, ọmọ 213 ẹ wá rò ó wò, wọ́n á rọ́ jọ sórí nọ́ńbà díẹ̀ ni.

Bàbá akọ̀wé wa ti ṣe tiwọn kí n tó dé. Wọ́n sọ́ọ̀tì lísìtì láti orí ẹni tó gba jù, wọ́n ka 40, wọ́n fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, ó parí. Mo ní, “Bàbá, ẹ dákun ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó wà lókè ìlà yẹn àti ẹni tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀.” 62 lẹni tó wà lókè gbà, 62 lẹni tó wà nísàlẹ̀ náà gbà. Àwọn mọ́kànlá ló gba 62, mẹ́fà wà lókè ìlà, márùn-ún wà nísàlẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn mẹ́fà tó wọlé, A ni orúkọ bàbá wọn fi bẹ̀rẹ̀, àwọn Adé, Àjàní, Àyìnlá, àwọn tó bọ́ sílẹ̀ jẹ́ Ọlá, Oyè àti Ṣọlá. Wọ́n ti kọ́kọ́ to lísìtì yẹn ní A dé Z tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà ò sì da ìtò yẹn rú láàárín àwọn tí máàkì wọn bára dọ́gba. Ká ní a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bẹ́ẹ̀, álífábẹ́ẹ̀tì ló máa yan àwọn ọmọ yẹn fún wa. Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ bá wa tún un ṣe.”

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí Excel fún mi ní máàkì ẹni ogójì:

```
=LARGE(C2:C214,40)
```

Ó gbé 60 jáde. Ó yà mí lẹ́nu torí lísìtì Bàbá sọ pé 62 ni. Mo wá ka iye sẹ́ẹ̀lì tó ní nǹkan nínú, mo tún ka iye tó jẹ́ nọ́ńbà:

```
=COUNTA(C2:C214)
=COUNT(C2:C214)
```

Àkọ́kọ́ ní 213, èkejì ní 189. Àwọn 24 tó kù ni àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò ní Òkè Baálẹ̀, orí fóònù ni wọ́n ti tẹ máàkì tiwọn, ó sì wọlé bí ọ̀rọ̀, kò wọlé bí nọ́ńbà. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì sẹ́ẹ̀lì ló fara tì, àwọn nọ́ńbà gidi sì fara ti ọ̀tún. Fọ́múlà yẹn kàn fò wọ́n kọjá ni, kò ní pariwo. Méje nínú wọn ló gba 62 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi `=VALUE(C2)` sọ gbogbo wọn di nọ́ńbà nínú kọ́lọ́ọ̀mù tuntun, mo lẹ àwọn nọ́ńbà yẹn padà sí C, LARGE wá gbé 62 jáde.

Lẹ́yìn náà mo kà á láti òkè wá sísàlẹ̀. Àwọn tó gba 66 sókè jẹ́ 25, mẹ́sàn-án gba 64, mọ́kànlá gba 62, mẹ́rìnlá gba 60. Tá a bá ní kọ́tọ́ọ̀fù jẹ́ 64, ọmọ 34 ló máa wọlé, kọ̀ǹpútà mẹ́fà á wà lásán. Tá a bá ní 62, wọ́n á di 45, ọmọ márùn-ún ò sì ní rí ìjókòó. Kò sí nọ́ńbà kankan tó máa fún wa ní 40 géérégé, ẹni bá sọ pé òun rí i, á jẹ́ pé ó ti gé àwọn tó dọ́gba sí méjì níbì kan.

Alága ní ká lo máàkì Maths láti fi ya àwọn mọ́kànlá yẹn sọ́tọ̀. Mi ò gbà, torí a ti rí orúkọ wọn, a sì ti mọ ọmọ ta ni. A ò sọ fún wọn kí wọ́n tó jókòó pé Maths ló máa ya wọ́n. Mo tún ṣe ìṣirò kan fún wọn:

```
=SQRT(50*0.62*0.38)
```

50 ni iye ìbéèrè, 0.62 ni ìpín tí ọmọ gbà, 0.38 ni ìpín tí kò gbà. Ó fẹ́ẹ̀ tó ìbéèrè mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ọmọ tó mọ̀wé dé ìwọ̀n 62, tá a bá fún un ní ìbéèrè 50 míì tó jọ ti tẹ́lẹ̀, ó lè fi bíi máàkì méje lọ sókè tàbí kó fi wá sílẹ̀, láìjẹ́ pé ó mọ̀wé sí i tàbí pé ó gbàgbé nǹkan kan. Nítorí náà 60 sí 64, a ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀kan ju ìkejì lọ. Òótọ́ ni pé ẹni tó gba 66 náà ò jìnnà sí wọn, àmọ́ a gbọ́dọ̀ dúró síbì kan, ibi tá a sì lè rí ìwé àti àsìkò fún nìyẹn.

A kọ́kọ́ tún ìwé àwọn tó gba 60, 62 àti 64 máàkì, èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìwé kọ̀ọ̀kan. A rí ọmọ kan tí ojú ìwé méjì lẹ̀ mọ́ra, wọn ò máàkì ìbéèrè méjì tó gbà, ó kúrò ní 60 ó bọ́ sí 64. Àwọn 64 wá di mẹ́wàá, 62 ṣì jẹ́ mọ́kànlá, 60 di mẹ́tàlá. Ọmọ 34 fún àyè 15 tó kù.

A pè wọ́n padà ní Sátidé fún ìdánwò kejì, ìbéèrè márùn-ún péré, wọ́n á kọ bí wọ́n ṣe ṣe é jáde, máàkì 40. Kò sí A-B-C-D tí èèyàn lè méfò, àwọn máàkì náà sì lè jẹ́ 17 tàbí 23 tàbí 26, wọn ò rọ́ jọ bíi ti tẹ́lẹ̀. A sọ fún wọn kí wọ́n tó kọ ọ́ pé a máa ro ìdánwò méjèèjì pọ̀, tí ẹni méjì bá dọ́gba, ẹni tó ga jù nínú ìkejì ló máa lọ, tó bá tún dọ́gba, a máa dìbò lójú àwọn òbí. A fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ lórí ìwé.

Nígbà tá a rò ó tán, ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún ní 93, ẹni kẹrìndínlógún ní 92. Inú mi ò dùn sí máàkì kan yẹn, àmọ́ ìlà gbọ́dọ̀ wà. Méje nínú àwọn 64 ló wọlé, márùn-ún nínú àwọn 62, mẹ́ta nínú àwọn 60. Bàbá ọmọ kan wá bá mi, ó ní, “Tíṣà, 64 lọmọ mi gbà, ẹ sì mú ẹni tó gba 60.” Mo mú ìwé ọmọ ẹ̀ jáde, mo fi ìdánwò kejì hàn án, ìbéèrè mẹ́ta ni ọmọ náà ò fọwọ́ kàn rárá. Mo wá fi kọ́lọ́ọ̀mù àròpọ̀ hàn án, nọ́ńbà nìkan, kò sí orúkọ. Ó wò ó pẹ́, ó ní ó dáa, ṣé wọ́n lè bá òun kọ́ ọmọ náà ní ibi tí kò mọ̀. Mo fún un ní ìbéèrè márààrún lọ sílé.

Ní Mọ́ńdè tá a bẹ̀rẹ̀, 39 ló wá. A dúró di Wẹ́sìdeè, àwọn òbí ọmọ náà ní wọ́n ti kó lọ sí Ìbàdàn, la bá pe ọmọ tó ní 92.